Igi ìṣeéṣe: kí ló dé tí 0.010 kì í ṣe ìdáhùn?

Akẹ́kọ̀ọ́Òru:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan nínú ìdánwò yan-èyí-tó-tọ̀nà ti sìtatísíìkì ló ń dà mí láàmú. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rèé: «Ẹ̀rọ mẹ́ta, K, L àti M, ni wọ́n fi ń ṣe gílóòbù iná. K ń ṣe 50% nínú wọn, L ń ṣe 30%, M ń ṣe 20%. Nínú èyí tí K ṣe, 2% ló ní àbùkù. Ti L jẹ́ 3%, ti M jẹ́ 5%. Wọ́n mú gílóòbù kan láìṣà á. (i) Kí ni ìṣeéṣe pé ó ní àbùkù? (ii) Bí ó bá ní àbùkù, kí ni ìṣeéṣe pé ẹ̀rọ M ló ṣe é?»

Ohun tí wọ́n ní kí a yàn nínú rẹ̀ fún (i) ni 0.029, 0.033, 0.100 àti 0.290. Fún (ii), ó jẹ́ 0.010, 0.050, 0.345 àti 0.500. Mo ya igi, mo mú 0.029 fún (i), mo sì gbà á. Fún (ii), mo tọ ẹ̀ka M lọ títí dé ibi àbùkù, 0.2 × 0.05 fún mi ní 0.010, mo sì bá a níbẹ̀ nínú àwọn ìdáhùn. Wọ́n ní mo kùnà. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ayáraṣírò:

0.345 ni ìdáhùn rẹ. Òfin rẹ̀ kò le rárá: ibikíbi tí o bá ti rí «bí ó bá», mú ohun tó wà ní òpin ẹ̀ka rẹ, kí o fi àròpọ̀ tí o rí ní (i) pín in. 0.010 ÷ 0.029 ló bí 0.345. Há òfin yẹn sórí, kò ní já ọ kulẹ̀ láé.

Olùkọ́Àgbà:

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́Òru, igi tí o yà kò ní àléébù kankan, ìbéèrè tí o fi igi náà dáhùn ni kì í ṣe èyí tí wọ́n bi ọ́. Jẹ́ kí n tún un yà síbí kí gbogbo wa lè máa wo ohun kan náà. Mo fi B dúró fún gílóòbù tó ní àbùkù, mo sì fi D dúró fún èyí tó dára.

```
K 0.5 --- B 0.02 --> 0.010
      --- D 0.98 --> 0.490
L 0.3 --- B 0.03 --> 0.009
      --- D 0.97 --> 0.291
M 0.2 --- B 0.05 --> 0.010
      --- D 0.95 --> 0.190
```

Nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lápá ọ̀tún yìí, bí o bá rò wọ́n pọ̀, 1.000 ni wọ́n jẹ́ gẹ́lẹ́, nítorí pé kò sí gílóòbù kan tí kò bọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó kan ìbéèrè. Bí kò bá pé 1, ẹ̀ka kan ti sọnù tàbí kí wọ́n ti kọ nọ́ńbà kan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wàyí o, 0.010 tó wà ní òpin ẹ̀ka M ń sọ pé, nínú gbogbo gílóòbù pátá, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé M ló ṣe é tó sì tún ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè (ii) kò fi gbogbo gílóòbù síwájú rẹ mọ́. Ó ti sọ fún ọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ní àbùkù. Lójú ẹsẹ̀ tí o bá ka gbólóhùn yẹn, mú bírò, kí o sì fa ìlà lórí gbogbo òpin tó jẹ́ D. Òpin mẹ́ta péré ló kù: 0.010, 0.009 àti 0.010. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 0.029, kì í ṣe 1 mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nìkan ló kù láyé báyìí. A ní láti mú wọn padà sí 1 láìba bí ọ̀kan ṣe tóbi ju èkejì lọ jẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a sì lè gbà ṣe é ni pé kí a fi 0.029 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìpín yẹn kì í ṣe òfin àjèjì kan tí wọ́n mú wá láti ibòmíràn, ìtumọ̀ ìlà tí o fà lórí àwọn òpin D ni.

Ìṣeéṣe pé M ló ṣe é, bí ó bá ní àbùkù, la ń kọ báyìí: P(M|B) = 0.010 / 0.029 = 10/29, tó súnmọ́ 0.345.

Sì wò ó, kì í ṣe pé wọ́n ṣèèṣì kọ àwọn ìdáhùn tó kù. 0.050 ni nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ka kejì M, ìyẹn P(B|M). Ẹni tó bá yí ìbéèrè náà sẹ́yìn yóò mú un láìṣe ìṣirò kankan. 0.500 ni ti ẹni tó gbàgbé pé àwọn ẹ̀rọ náà kò ṣe iye kan náà, tó wá fi 0.05 sórí àròpọ̀ 0.02, 0.03 àti 0.05. Tìrẹ, 0.010, ni ti ẹni tó dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ẹni tó ṣe ìdánwò náà ti mọ ibi tí olúkúlùkù yóò ti ṣubú, ó sì tẹ́ ẹní síbẹ̀ dè é.

Ayáraṣírò, ìdáhùn rẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n òfin tí o ní kí ó há sórí yẹn yóò já a kulẹ̀. Ká ní ìbéèrè (iii) sọ pé: «Bí ó bá jẹ́ pé L ló ṣe gílóòbù náà, kí ni ìṣeéṣe pé ó ní àbùkù?» «Bí ó bá» wà níbẹ̀ rekete, síbẹ̀ kò sí ohun tí a ó pín. 0.03 ti wà lórí ẹ̀ka, kíkà la ó kà á. Ohun tó yẹ kí a wò ni ìpele tí ọ̀rọ̀ «bí ó bá» bọ́ sí lórí igi, ṣé ìpele àkọ́kọ́ ni tàbí ìkejì.

KíkàNíkan:

Ní tèmi o, n kì í fi nọ́ńbà oníkókó bíi 0.02 bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo máa ń ní kí gílóòbù jẹ́ 1000. K ṣe 500, L ṣe 300, M ṣe 200. Nínú 500 ti K, 10 ló ní àbùkù; nínú 300 ti L, 9; nínú 200 ti M, 10. Gílóòbù 29 ló ní àbùkù, 10 nínú wọn sì jẹ́ ti M. Ó parí, 10 nínú 29. Ẹnikẹ́ni tó bá rí 29 yẹn lójú kò ní mú 0.010 láéláé, nítorí kò sẹ́ni tí yóò wo gílóòbù 29 tí 10 nínú wọn jẹ́ ti M, tí yóò wá sọ pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Mi ò rí ìdí tí wọ́n fi ń fi dandan ti ẹ̀ka tó kún fún nọ́ńbà oníkókó mọ́ àwọn ọmọ lórí.

Àpótí-Pupa:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ó dà bí ẹni pé ẹ ti fò kọjá nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú gílóòbù kan tó ní àbùkù kúrò, ṣé kò yẹ kí iye àbùkù tó kù fún ẹ̀rọ M dínkù ni? 0.05 ti yí padà nìyẹn.

Ohun tó fà á tí mo fi ń béèrè ni pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ìdánwò tèmi. Bọ́ọ̀lù pupa 5 àti funfun 3 wà nínú àpótí. Wọ́n mú méjì, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, wọn kò dá ti àkọ́kọ́ padà. Wọ́n ní kí a sọ ìṣeéṣe pé ìkejì jẹ́ pupa, wọ́n sì ní 5/8 ni. Mo bá wọn jà. Báwo ló ṣe lè jẹ́ 5/8 nígbà tí bọ́ọ̀lù méje péré ló kù nínú àpótí kí a tó mú ìkejì? Ìbéèrè tó tẹ̀lé e tún wá burú jáì: «Bí ìkejì bá jẹ́ pupa, kí ni ìṣeéṣe pé àkọ́kọ́ náà jẹ́ pupa?» Àkọ́kọ́ ti kọjá lọ kí ìkejì tó dé! Báwo ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ṣe fẹ́ yí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú padà?

Olùkọ́Àgbà:

Àpótí-Pupa, nínú ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́Òru, gílóòbù kan ṣoṣo ni wọ́n mú. Kò sí ìkejì níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí 0.05 yóò fi yí padà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tìrẹ dára, mo sì mọ̀ pé ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí náà jẹ́ ká yà á.

Ìpele àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka méjì, pupa 5/8 àti funfun 3/8. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ pupa, pupa 4 ló kù nínú bọ́ọ̀lù 7, nítorí náà òpin «pupa, pupa» jẹ́ 5/8 × 4/7, ìyẹn 20/56. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ funfun, pupa 5 ṣì wà nínú 7, òpin «funfun, pupa» sì jẹ́ 3/8 × 5/7, ìyẹn 15/56. Ọ̀nà méjì yìí nìkan ni ìkejì fi lè jẹ́ pupa, a ó sì rò wọ́n pọ̀: 35/56, tó jẹ́ 5/8 nígbà tí a bá dín in kù. Ó bọ́ sí 5/8 nítorí pé a kò mọ àwọ̀ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù méje ló kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bóyá pupa mẹ́rin ló wà nínú méje náà tàbí márùn-ún, a kò mọ̀, igi sì ń fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. O lè gbà á báyìí pẹ̀lú: ká ní o to gbogbo bọ́ọ̀lù mẹ́jọ sí orí ìlà láìwò wọ́n, kò sí ìdí kankan tí èyí tó wà ní ipò kejì yóò fi ní ìfẹ́ sí pupa ju èyí tó wà ní ipò àkọ́kọ́ lọ.

Ní ti ìbéèrè tó tẹ̀lé e, ìkejì kò yí àkọ́kọ́ padà. Ohun tó yí padà ni ohun tí ìwọ mọ̀. Ká ní mo fi bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pamọ́ sínú ọwọ́ mi láìfi hàn ọ́, mo wá fi ìkejì hàn ọ́ pé pupa ni. Pupa kan ti jáde nínú ìṣirò rẹ báyìí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méje tó kù, 4 nínú wọn sì jẹ́ pupa. Igi sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: fa ìlà lórí àwọn òpin tí ìkejì kì í ti í ṣe pupa, èyí tó kù ni 20/56 àti 15/56, 20 nínú 35 sì jẹ́ 4/7. Ọ̀rọ̀ «bí ó bá» kò bìkítà nípa èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Igi nìkan ló ní ṣáájú àti lẹ́yìn, nítorí pé bí a ṣe yà á nìyẹn.

Bí wọ́n bá béèrè ìṣeéṣe pé méjèèjì jẹ́ pupa, tí o sì rí 25/64 nínú àwọn ìdáhùn, ẹni tó dá bọ́ọ̀lù padà sínú àpótí láìsí pé wọ́n ní kó dá a padà ni wọ́n fi dè.

KíkàNíkan, mi ò bá ọ jà. Ọ̀nà tìrẹ máa ń mú kí ìtumọ̀ hàn kíákíá. Kókó náà ni pé kí a yan iye tí kò ní fọ́ sí wẹ́wẹ́. 1000 dára fún gílóòbù, nítorí pé bí o bá ti mú 100, àbùkù tí L yóò ní yóò jẹ́ gílóòbù 0.9. Fún bọ́ọ̀lù wọ̀nyí, 56 ló yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀, o ò sì ní mọ̀ pé 56 ni àfi bí o bá ti yà á tán.

Àpótí-Pupa:

Ẹ ṣeun mà. Ti «ìwọ ni o mọ nǹkan tuntun» yẹn ti wọ̀ mí létí. Ti 5/8 nìkan ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀ lé lórí tán, ṣùgbọ́n n ó lọ to bọ́ọ̀lù sórí ìlà wò.

Ayáraṣírò:

Mo gbà pé òfin mi kò tó, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Ká ní wọ́n ní «bí kì í bá ṣe K ló ṣe é, kí ni ìṣeéṣe pé ó ní àbùkù?» Ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, ẹ sì ní a ò ní pín nǹkan kan bó bá ti jẹ́ ìpele àkọ́kọ́. Mo wá rò pé 0.03 + 0.05 ni, ìyẹn 0.08. Àbí kí n pín in sí méjì, 0.04?

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo tún ìbéèrè (ii) ṣe nínú ìdánwò míì tó jọ ọ́, mo ní 0.029 jẹ́ 0.03 ní kúkúrú, mo rí 0.333, ó sì wà níbẹ̀, mo mú un. Mo kùnà.

Olùkọ́Àgbà:

O mú mi níbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní kúkúrú jù. Bí «bí ó bá» bá tọ́ka sí ẹ̀ka kan ṣoṣo ní ìpele àkọ́kọ́, kíkà lásán ni. Bí ó bá kó ẹ̀ka méjì pọ̀, bíi L pẹ̀lú M, ìdí ọ̀rọ̀ kò yí padà, fífa ìlà náà ni. Fa ìlà lórí gbogbo ẹ̀ka K. Ohun tó kù ní ìpele àkọ́kọ́ ni 0.3 àti 0.2, tó jẹ́ 0.5 lápapọ̀. Nínú 0.5 yẹn, èyí tó ní àbùkù jẹ́ 0.009 + 0.010, ìyẹn 0.019. 0.019 ÷ 0.5 jẹ́ 0.038. Kì í ṣe 0.08, nítorí pé kò ṣeé ṣe kí àdàlú ohun tó ní àbùkù 3% àti èyí tó ní 5% ní àbùkù tó ju 5% lọ. Kì í sì í ṣe 0.04, nítorí pé L ṣe ju M lọ, àdàlú náà yóò sì fì sí ọ̀dọ̀ L.

Ní tòótọ́, bí o bá fa ìlà, tí o sì pín, nínú ọ̀ràn ti ẹ̀ka kan ṣoṣo pàápàá, yóò jáde bákan náà: 0.009 ÷ 0.3 jẹ́ 0.03. Ìpín náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bá ọ ṣe é kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sórí ẹ̀ka. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ òfin kan tí wàá há sórí, «fa ìlà, kí o sì pín» ni kí o há.

Ní ti 0.333, má ṣe gé nọ́ńbà kúrú láàárín ìṣirò. Ìyàtọ̀ láàárín 0.029 àti 0.030 dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n abẹ́ ìlà ìpín ló wà, ó sì mú ìdáhùn kúrò ní 0.345 bọ́ sí 0.333. Kọ ọ́ sí 10/29, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìṣirò pín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí.

Aṣàríwísí:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá, mo sì fẹ́ gbèjà Akẹ́kọ̀ọ́Òru díẹ̀. Nínú ìbéèrè tirẹ̀, wọ́n kọ «bí ó bá», ó ṣe kedere. Ṣùgbọ́n èmi ti rí ìdánwò tí wọ́n ti kọ ọ́ báyìí pé: «Kí ni ìṣeéṣe pé wọ́n mú gílóòbù tó ní àbùkù tí M ṣe?» àti òmíràn tó ní: «Kí ni ìṣeéṣe pé gílóòbù tó ní àbùkù tí wọ́n mú, M ló ṣe é?» Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò nínú méjèèjì, ipò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 0.010, ti ìkejì jẹ́ 0.345. Nínú ìkejì, «gílóòbù tó ní àbùkù tí wọ́n mú» ti di ohun tó wà nílẹ̀ kí a tó béèrè nípa M. Nínú ti àkọ́kọ́, kò tíì sí ohun tó wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè papọ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí wọ́n bá fi 0.010 àti 0.345 sínú àwọn ìdáhùn kan náà, tí wọ́n sì kọ gbólóhùn tó ṣeé kà sí ọ̀nà méjèèjì, èdè ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe ìṣirò.

KíkàNíkan:

Nínú gbólóhùn ìkejì yẹn gan-an, mi ò rí ìyàtọ̀ tí o ń sọ. Bí ẹnìkan bá kà á sí «ó ní àbùkù, M ló sì ṣe é», kí ni yóò fi mọ̀ pé òun ṣì í kà?

Aṣàríwísí:

Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn «pé» títí dé ibi ìdánudúró ni wọ́n ti fún wa. Ohun tó wà lẹ́yìn ìdánudúró ni wọ́n ń béèrè. Bí mo ṣe ń kà á nìyẹn.

KíkàNíkan:

Èmi kò ní fi máàkì mi dúró lórí àmì ìdánudúró kan.

Olùkọ́Àgbà:

Mo fara mọ́ Aṣàríwísí nípa bí gbólóhùn náà ṣe rí, mo sì fara mọ́ KíkàNíkan pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kọ ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un tó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ là nígbà tí àkókò bá ti fẹ́ tán, nítorí pé nínú ìdánwò tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀, a lè lé púpọ̀ nínú wọn lọ kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Mú ìbéèrè (i). Àbùkù àwọn ẹ̀rọ náà wà láàárín 0.02 àti 0.05. Gbogbo gílóòbù papọ̀ jẹ́ àdàlú wọn, àdàlú kì í sì í kọjá èyí tó ga jù lọ nínú ohun tí a pò pọ̀. 0.100 àti 0.290 ti lọ nìyẹn. Ó ku 0.029 àti 0.033. 0.033 ni a ó rí bí àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣe iye kan náà. Ṣùgbọ́n K, tó ní àbùkù tó kéré jù, ló ń ṣe ìdajì odindi, M tó burú jù ló sì ń ṣe tó kéré jù. Àdàlú náà ní láti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 0.033. 0.029 ló kù.

Wá mú ìbéèrè (ii). Kí a tó mọ̀ pé gílóòbù náà ní àbùkù, ìṣeéṣe pé M ló ṣe é jẹ́ 0.2. Àbùkù M, 0.05, ga ju ti gbogbo wọn lápapọ̀ lọ, ìyẹn 0.029. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ pé ó ní àbùkù, ojú tí a fi ń wo M gbọ́dọ̀ le sí i, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá 0.2. 0.010 àti 0.050 kò lè jẹ́ ìdáhùn láé. Akẹ́kọ̀ọ́Òru, ibí yìí ni ìbá ti gbà ọ́: bí wọ́n bá sọ fún ọ pé nǹkan ti bàjẹ́, tí o wá rí i pé ìṣirò rẹ fẹ́ dá ẹni tó ń bà á jẹ́ jù lọ láre, padà sẹ́yìn. Láàárín 0.345 àti 0.500, wo òpin K àti ti M. 0.010 kan náà ni wọ́n. Bí K àti M bá dọ́gba, tí L náà sì ní tirẹ̀ níbẹ̀, M kò lè gba ìdajì.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Bí «kò sí nínú wọn» bá wà lára ìdáhùn, lílé àwọn tó kù lọ kò fi hàn pé èyí tó ṣẹ́kù tọ̀nà, a ní láti ṣe ìṣirò náà parí.

Akẹ́kọ̀ọ́Òru:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ti M tí mo fẹ́ dá láre yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti gbìyànjú òmíràn nínú ìdánwò kan náà, ẹ bá mi wò ó: «Akẹ́kọ̀ọ́ kan mọ ìdáhùn sí 60% nínú àwọn ìbéèrè. Èyí tí kò bá mọ̀, ó máa ń méfò nínú ìdáhùn mẹ́rin. Bí ó bá gba ìbéèrè kan, kí ni ìṣeéṣe pé ó mọ̀ ọ́n?»

Ẹ̀ka àkọ́kọ́: mọ̀ 0.6, kò mọ̀ 0.4. Bí ó bá mọ̀, ó gbà á, 1. Bí kò bá mọ̀, ó gbà á ní 1/4. Òpin méjì ló jẹ́ «gbà á»: 0.6 àti 0.1. Mo fa ìlà lórí èyí tó kù. 0.6 ÷ 0.7 jẹ́ 6/7, bíi 0.857. Ó ga ju 0.6 lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ń gbà ju ẹni tó ń méfò lọ. Wọ́n ní mo gbà á!

Ayáraṣírò:

O kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa lókè yẹn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń lé ìdáhùn méjì lọ kì í méfò nínú mẹ́rin mọ́, nínú méjì ló ń méfò. Ẹ̀ka rẹ̀ di 1/2, òpin rẹ̀ di 0.2, ìdáhùn sì di 0.6 ÷ 0.8, ìyẹn 0.75. Èwo wá ni òtítọ́?

Aṣàríwísí:

«Ó máa ń méfò nínú ìdáhùn mẹ́rin» ni wọ́n kọ. 1/4 ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ayáraṣírò:

Wọn kò kọ ọ́ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lójú rẹ̀. Ìwọ náà ló ní èdè ni wọ́n ń dán wò.

Olùkọ́Àgbà:

Nínú ìdánwò, n ó mú 6/7, nítorí pé bí wọn kò bá sọ nǹkan míì, méfò ń tọ́ka sí ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tí Ayáraṣírò sọ kì í ṣe àwàdà. Igi náà kò lè sọ fún wa bóyá 1/4 tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ náà tàbí kò tọ́ sí i. Àwa la kọ ọ́ sórí ẹ̀ka. Ó tún ṣeé ṣe kí «mọ̀» àti «kò mọ̀» má tó, kí ẹ̀ka kẹta wà fún ẹni tó mọ̀ ní ìdajì, ṣùgbọ́n mélòó nínú ìbéèrè ni a ó fún ẹ̀ka yẹn?

Ayáraṣírò:

Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ béèrè. Ká ní a yọ 0.2 kúrò lára 0.4 fún un, kí ó máa gbà ní 1/2. Òpin «gbà á» yóò di 0.6, 0.1 àti 0.05, ìdáhùn yóò sì jẹ́ 0.6 ÷ 0.75, ìyẹn 0.8. Ṣùgbọ́n 0.2 yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un.